Ẹ̀KỌ́ OṢÙ YÌÍ: Àtúnṣe Mélòó Ni Ó Wà Nínú Owó Àwòrán?



Ẹ̀kọ́ wa ní oṣù yìí wà fún irú ènìyàn méjì nínú ẹgbẹ́. Èkíní ni àwọn oníṣòwò tí ń gbé iṣẹ́ àwòrán síta, ìbáà jẹ́ àwòrán tí a ó lẹ̀ mọ́ ara ọjà, ìbáà jẹ́ èyí tí a ó gbé kọ́ níwájú ìsọ̀. Èkejì ni àwọn tí ń fi kọ̀ǹpútà tàbí fóònù ṣe iṣẹ́ náà gan-an. Láti ọdún 2022 ni ẹ̀rọ tí ń fi ọ̀rọ̀ yàwòrán ti tàn kálẹ̀. Ènìyàn yóò kọ ohun tí ó fẹ́ rí, ẹ̀rọ yóò sì gbé àwòrán jáde kíákíá. Ìyára yìí náà ni ó ń dá ìjà sílẹ̀. Oníbàárà á ní, "Ṣebí ẹ̀rọ ló ń yà á, kí ló wá le níbẹ̀? Ẹ kàn bá mi tún un ṣe díẹ̀." Nígbà tí "díẹ̀" bá di ẹ̀ẹ̀mẹtàlá, ẹni tí ń ṣiṣẹ́ á bínú, kò ní gbé fóònù mọ́. Oníbàárà náà á ní wọ́n jẹ òun lówó.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mú lọ nínú ẹ̀kọ́ yìí kò ju ẹyọ kan lọ. Kí owó tó kúrò lọ́wọ́ ẹnìkan bọ́ sọ́wọ́ ẹnìkejì, ó yẹ kí lẹ́tà kan wà tí ó sọ iye àtúnṣe tí ó wà nínú owó náà, kí ó sì sọ ohun tí à ń pè ní àtúnṣe kan. Apá kejì yìí ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé. Ẹni tí ó kọ "àtúnṣe méjì" láìsọ ohun tí ọ̀kan jẹ́, ńṣe ni ó dà bí ẹni tí ó ta gàrí kóńgò méjì láìfi kóńgò han ẹni tí ń rà.

ÌDÍ TÍ KÒ FI SÍ "DÍẸ̀" LỌ́DỌ̀ Ẹ̀RỌ

Bí ẹ bá ní kí ayàwòrán tí ń fi ọwọ́ yà sọ gèlè pupa di aláró, yóò mú búrọ́ọ̀ṣì, yóò kun gèlè nìkan. Ojú ẹni inú àwòrán kò ní yí padà. Ẹ̀rọ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn a máa bẹ̀rẹ̀ láti orí nǹkan tí ó dà bí iyanrìn tí a fọ́n ká, àmì wẹ́wẹ́ tí kò ní ìtumọ̀ kankan. Wọn á máa fọ̀ ọ́ mọ́ díẹ̀díẹ̀ títí àwòrán yóò fi hàn gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ tí a kọ. Nọ́mbà kan ni ó ń pinnu bí iyanrìn náà yóò ṣe fọ́n ká. Seed ni a ń rí kà lójú ẹ̀rọ. Bí nọ́mbà yìí bá yí padà, àwòrán mìíràn ni yóò jáde, bí a kò tilẹ̀ pààrọ̀ ọ̀rọ̀ kan. Bí a bá sì di nọ́mbà náà mú, tí a kàn pààrọ̀ "gèlè pupa" sí "gèlè aláró", ojú obìnrin náà ṣì lè yàtọ̀, ọwọ́ rẹ̀ lè yí, igbá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lè di abọ́.

Ọ̀nà kan wà láti dín èyí kù. Ayàwòrán lè fi àmì yí ibi tí ó fẹ́ pààrọ̀ ká, kí ẹ̀rọ tún ibẹ̀ nìkan yà. Ìyẹn sàn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ṣì ń bẹ nínú rẹ̀. Ó lè gbé e jáde ní ẹ̀ẹ̀mẹfà kí ó tó rí ọ̀kan tí etí ibi tí a tún yà bá ìyókù mu, tí ìmọ́lẹ̀ sì ń bọ̀ láti ọ̀nà kan náà. Àwọn ẹ̀rọ mìíràn wà tí a lè sọ fún pé, "Sọ gèlè di aláró, fi ìyókù sílẹ̀." Wọ́n ń gbìyànjú. Ṣùgbọ́n bí a bá ń to irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ lé ara wọn, ojú ènìyàn a máa yí díẹ̀díẹ̀, ara àwòrán a sì máa bàjẹ́. Nígbà tí yóò fi di ẹ̀ẹ̀mẹfà, ó lè má jẹ́ obìnrin tí a yàn ní àkọ́kọ́ mọ́.

Nítorí náà, kì í ṣe ayàwòrán nìkan ni òǹkà àtúnṣe ń dáàbò bò. Ó ń dáàbò bo oníbàárà pẹ̀lú, kí àwòrán tí ó ti fẹ́ràn má bàa sọnù níbi tí a ti ń tún un ṣe.

LẸ́TÀ NÁÀ

Ẹ jẹ́ kí a fi ìyá kan tí ń ta ọṣẹ dúdú ṣe àpẹẹrẹ. Ó fẹ́ àwòrán tí a ó lẹ̀ mọ́ ara ike ọṣẹ rẹ̀: obìnrin kan tí ó wọ adìrẹ, tí ó gbé ọṣẹ sí àtẹ́lẹwọ́, tí igbá òrí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lẹ́tà tí ayàwòrán kọ sí i nìyí. Iye owó inú rẹ̀, àpẹẹrẹ ni. Kí kálukú fi ti ọjà tirẹ̀ sí i.

Ìyá wa,

Ẹ kú ọjà o. Mo dúpẹ́ pé ẹ gbé iṣẹ́ àwòrán ọṣẹ yín fún mi. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo fẹ́ kí ohun tí owó yín rà yé àwa méjèèjì.

1. Ẹ̀rọ ni yóò ya àwòrán náà. Èmi ni n ó máa darí rẹ̀, n ó ṣa èyí tó dára, n ó sì fi ọwọ́ tún ibi tó kù díẹ̀ káàtó ṣe. Ohun tí a jọ kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ wá, àti fọ́tò ọṣẹ yín tí mo yà, ni a ó fi wọn iṣẹ́ náà.

2. Owó iṣẹ́ jẹ́ ₦40,000. N ó kọ́kọ́ fi àwòrán mẹ́rin hàn yín, ẹ ó sì yan ọ̀kan. Yíyàn kì í ṣe àtúnṣe. Bí kò bá sí èyí tí ó wù yín nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ sọ ìdí rẹ̀ fún mi, n ó mú mẹ́rin mìíràn wá lẹ́ẹ̀kan péré láìgba owó.

3. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti yan ọ̀kan, àtúnṣe méjì wà nínú owó yín. Àtúnṣe kan ni gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ kí n yí padà lórí àwòrán tí ẹ yàn, tí ẹ kó jọ, tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi lẹ́ẹ̀kan, ìbáà jẹ́ nǹkan kan, ìbáà jẹ́ márùn-ún. Iye ìgbà tí ẹ ránṣẹ́ ni a ń kà. A kò ní ka iye àwòrán tí ẹ̀rọ gbé jáde kí n tó rí èyí tó dára.

4. Àwọn nǹkan wọ̀nyí kì í ṣe àtúnṣe, n kò sì ní kà wọ́n: àṣìṣe ẹ̀rọ, bí ìka mẹ́fà tàbí etí tí kò dọ́gba, ohun tí a kọ sílẹ̀ tí kò sí nínú àwòrán, àti ọ̀rọ̀ tí èmi fúnra mi ṣì kọ. Ẹ sọ ọ́ nígbàkígbà kí a tó tẹ̀ ẹ́.

5. Orúkọ ọjà, nọ́mbà fóònù àti ìwọ̀n ọṣẹ, èmi ni n ó kọ wọ́n sórí àwòrán náà lẹ́yìn, ẹ̀rọ kọ́. Ẹ lè yí wọn padà lẹ́ẹ̀mejì láìsan nǹkan. Kò kan àtúnṣe àwòrán.

6. Bí ẹ bá fẹ́ kí àwòrán ara ike di gbọọrọ fún pátákó iwájú ìsọ̀, àtúnṣe kan ni, torí ẹ̀rọ ní láti ya ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti ẹ̀gbẹ́ òsì tí kò sí tẹ́lẹ̀.

7. Láti orí àtúnṣe kẹta lọ, ₦5,000 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. N ó sọ fún yín kí n tó fọwọ́ kàn án. Bí ẹ bá yí èrò iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ padà, iṣẹ́ titun ni, owó titun sì ni.

8. Ẹnu ẹ̀yin nìkan ni n ó máa gbọ́. Bí bàbá tàbí àwọn ọmọ bá ní nǹkan í sọ, ẹ jọ sọ ọ́ tán nílé kí ẹ tó ránṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn láàárín ọjọ́ méje tí mo bá fi àwòrán ránṣẹ́. Ìgbà tí ẹ bá buwọ́ lù ú pé ó dára ni n ó tó gbé e fún àwọn tí yóò tẹ̀ ẹ́.

Bí èyí bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ buwọ́ lùwé nísàlẹ̀, tàbí kí ẹ fèsì lórí WhatsApp pé "mo gbà".

Èmi ni ọmọ yín,
Ayàwòrán.

ÀLÀYÉ LÓRÍ LẸ́TÀ NÁÀ

Ẹ wo ìlà kẹta dáadáa, torí ibẹ̀ ni kóńgò wà. Ọ̀nà mẹ́ta ni ènìyàn lè gbà ka àtúnṣe. Bí a bá ka iye àwòrán tí ẹ̀rọ gbé jáde, oníbàárà ni a rẹ́ jẹ, nítorí ẹ̀rọ lè yà á ní ìgbà ogún láìrí ọ̀kan tó dára, kò sì yẹ kí ìyá ọlọ́ṣẹ san owó orí ríri ẹ̀rọ. Bí a bá ka nǹkan kọ̀ọ̀kan tí oníbàárà bèèrè, gèlè ọ̀kan, igbá ọ̀kan, ẹ̀rù á máa bà á láti sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ọ̀nà tó dára jù ni kí a ka iye ìgbà tí ó ránṣẹ́. Oníbàárà á jókòó, á wo àwòrán náà látòkè délẹ̀, á kó gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ jọ. Ayàwòrán náà á ṣe gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò ní máa ba ojú àwòrán jẹ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹfà nítorí ohun mẹ́fà.

Ìlà kẹrin ń ya àṣìṣe sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ó wuni. Bí ìka bá jẹ́ mẹ́fà, kò sí ẹni tí yóò jiyàn, àṣìṣe ni. Ṣùgbọ́n ibi tí ìjà ti ń wá ni àárín méjèèjì. Ẹ gbọ́ àpẹẹrẹ kan. Gbogbo wa mọ̀ pé ọṣẹ dúdú wa kì í dú bí èédú. Àwọ̀ ilẹ̀ ni ó sábà máa ń ní, ó rọ̀, ó sì ń rún. Bí ayàwòrán bá kọ "ọṣẹ dúdú" fún ẹ̀rọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀rọ lè gbé ọṣẹ líle oníhà mẹ́rin jáde, tí ó dú tí ó sì ń dán bí bàtà tuntun. Ta ni yóò ru ẹ̀bi rẹ̀? Bí fọ́tò ọṣẹ náà bá wà nínú ohun tí a fi wọn iṣẹ́, gẹ́gẹ́ bí ìlà kìíní ti wí, àṣìṣe ayàwòrán ni, kò kan òǹkà. Bí kò bá sí fọ́tò, tí a kò sì kọ nǹkan ju "ọṣẹ dúdú" lọ, àtúnṣe ni. Nítorí náà, ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ má ṣe gbé iṣẹ́ sílẹ̀ láìfún wọn ní fọ́tò ọjà yín.

Ohun kan wà tí àtúnṣe kò lè tán. Ẹ̀rọ lè ya aṣọ tí ó jọ adìrẹ, ṣùgbọ́n ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e pé yóò ya bátànì tí a mọ orúkọ rẹ̀ bí ó ṣe rí gan-an. Ìbàdàndùn, fún àpẹẹrẹ, ní òpó Gbọ̀ngàn Mápó nínú. Ẹ̀rọ lè gbé ìlà àti àmì tí ó wuni jáde, kí ẹni tí ó mọ adìrẹ wò ó, kí ó sì rí i pé kì í ṣe òpó kankan. Bí oníbàárà bá fẹ́ bátànì náà gan-an, kí ayàwòrán ya fọ́tò aṣọ náà, kí ó fi ọwọ́ gbé e lé orí àwòrán, kí ó sì dá owó iṣẹ́ yẹn sọ níbẹ̀rẹ̀. Kí ó má ṣe ṣèlérí pé òun yóò máa tún un ṣe títí ẹ̀rọ yóò fi mọ̀ ọ́n.

Ìlà karùn-ún kò ṣeé fojú fo lọ́dọ̀ àwa tí a ń kọ Yorùbá. Àwọn ẹ̀rọ yìí sábà máa ń ṣi àmì orí àti àmì ìsàlẹ̀ kọ, wọ́n tilẹ̀ lè dá lẹ́tà tí kò sí níbì kan sílẹ̀. "Ọṣẹ" ni ìyá wa ń tà. Bí ẹ̀rọ bá fi àmì òkè kan kún un, ó di "ọṣẹ́", ìyẹn ni jàǹbá. Ta ni yóò ra jàǹbá láti fi wẹ̀? Kí á fi ọwọ́ kọ ọ̀rọ̀ sórí àwòrán lẹ́yìn ni ó dára jù, kò sì ní jẹ́ kí nọ́mbà fóònù tó yí padà di àtúnṣe àwòrán.

Ní ti ìlà kẹfà, ẹ fi ti ìwọ̀n náà sọ́kàn. Àwòrán ẹ̀rọ sábà máa ń jẹ́ 1024 píksẹ́lì ní ìbú, ìyẹn ni pé ẹyọ àwọ̀ kékeré 1024 ni a tò sí ìlà kan. Àwọn ilé ìtẹ̀wé sábà máa ń fẹ́ 300 nínú íńṣì kan kí ó tó mọ́ lójú. Bí ẹ bá pín 1024 sí 300, íńṣì mẹ́ta àti díẹ̀ ni ó kù. Ó tó fún ara ike, kò tó fún pátákó. A gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ mìíràn sọ ọ́ di ńlá, kí a sì tún ojú àti ọwọ́ wò, nítorí àbùkù tí kò hàn ní kékeré a máa hàn ní ńlá. Ẹ sọ ibi tí ẹ ó lo àwòrán sí kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ó lè yẹra fún àtúnṣe yìí.

BÍ A ṢE KÀ Á

Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀lé iṣẹ́ ìyá ọlọ́ṣẹ dópin.

Ní ọjọ́ kejì, ó yan àwòrán kẹta nínú mẹ́rin. Kò tíì sí òǹkà. Ó wá ránṣẹ́ pé: "Sọ gèlè rẹ̀ di aláró, yọ ike tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kúrò, ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ sì jẹ́ mẹ́fà." Ìka kò kan òǹkà. Gèlè àti ike bá ara wọn rìn nínú iṣẹ́ kan, nítorí náà àtúnṣe kìíní ni.

Lọ́jọ́ kẹrin, bàbá ilé ní ẹ̀yìn obìnrin náà kò dára, kí a fi ọjà síbẹ̀ dípò ògiri. Ìyá gbà, ó sì ránṣẹ́. Àtúnṣe kejì nìyẹn. Ayàwòrán fi àwòrán tí a yàn àti ti titun sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ó wo ojú, etí, ìka àti aṣọ, ó rí i pé wọn kò yí padà, kí ó tó fi ránṣẹ́. Ẹ̀yin oníbàárà náà, ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀. Bí nǹkan tí ẹ kò bèèrè bá yí padà, àṣìṣe ni. Ẹ ní kí wọ́n dá a padà láìkà á.

Lọ́jọ́ karùn-ún, ìyá pààrọ̀ nọ́mbà fóònù. Kò kan òǹkà. Ìlà karùn-ún ti sọ ọ́. Lọ́jọ́ kẹfà, ó ní òun fẹ́ èyí tí yóò gbé kọ́ níwájú ìsọ̀. Àtúnṣe kẹta ni. Ayàwòrán sọ fún un pé ₦5,000 ni, ó gbà, a sì ṣe é. Gbogbo owó jẹ́ ₦45,000. Lọ́jọ́ kẹjọ, ọmọ rẹ̀ ní ì bá dára bí ó bá jẹ́ ìyá àgbà tí ń po ọṣẹ nínú ìkòkò ni a yà. Ìyẹn kì í ṣe àtúnṣe mọ́. Àwòrán tí a yàn ni a fẹ́ pa tì. Iṣẹ́ titun ni. Ìyá ka ìlà keje, ó ní kí a fi ti àkọ́kọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì buwọ́ lù ú.

Ẹ ṣàkíyèsí pé kò sí ibì kan tí ẹnikẹ́ni ti ní láti jiyàn. Ọ̀rọ̀ ti wà nínú ìwé.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ ÌPÀDÉ

1. Oníbàárà ránṣẹ́ ní òwúrọ̀ pé kí a pààrọ̀ àwọ̀ aṣọ. Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ó tún ránṣẹ́ lọ́sàn-án pé kí a yọ igbá kúrò. Ṣé àtúnṣe kan ni tàbí méjì? Kí ni ẹ lè kọ sínú lẹ́tà kí ó má bàa di àríyànjiyàn?

2. Oníbàárà ní ojú obìnrin inú àwòrán kò jọ ti ọmọ Yorùbá. A kò kọ nǹkan kan nípa ojú sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Àṣìṣe ni, tàbí àtúnṣe?

3. Ẹ mú iṣẹ́ àwòrán kan tí ẹ ti san owó rẹ̀ rí. Ẹ fi ìlà kẹta àti ìkẹrin inú lẹ́tà yìí ka àtúnṣe rẹ̀. Mélòó ni?